Bí a ṣe ń tún ìròyìn ìjàǹbá oko kọ: ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan, láì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi

Ìwé tòní kò sọ̀rọ̀ nípa ajílẹ̀ tàbí ìgbà tí a ń gbìn. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìwé kékeré tí akọ̀wé ẹgbẹ́ máa ń kọ nígbà tí oògùn kòkòrò bá ṣe ẹnì kan ní jàǹbá lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ la ti gbà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́. Ẹ̀bi ló pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí nọ́ọ̀sì tàbí ẹlòmíràn lè lò kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Ní nǹkan bí ọdún 1999, kòkòrò tí ń lu èso òwú kò gbọ́ oògùn tí à ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n wá mú oògùn mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ẹndosúlífáánì wọ àwọn oko òwú ní ìhà àríwá. Ní sáà òwú 1999 sí 2000 nìkan, àwọn aláṣẹ kà á pé ó kéré tán ènìyàn 37 ló kú nípa oògùn náà ní Borgou. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2000, ní abúlé Maregourou, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 12 sí 14, lọ ro oko òwú bàbá wọn. Àgbàdo wà láàárín òwú náà. Ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n fọ́n ẹndosúlífáánì sí oko náà, àwọn ọmọ náà kò sì mọ̀. Nígbà tí ebi ń pa wọ́n lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n ya àgbàdo díẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́. Lẹ́yìn mínítì 15 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bì. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn Bembèrèkè, níbi tí ọmọ ọdún 12 nínú wọn ti kú.

Ẹ tún ìtàn yẹn kà, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ ẹ̀bi nínú rẹ̀. Kò sí. Síbẹ̀ gbogbo ohun tó yẹ ká mọ̀ ló wà níbẹ̀: àgbàdo wà nínú òwú, ọjọ́ kan péré ló wà láàárín fífọ́n àti ríro, àwọn tó wọ oko kò gbọ́ pé a ti fọ́n oògùn. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá kọ pé “ọ̀kánjúwà ọmọ ló pa á” tàbí “bàbá wọn kò bìkítà”, ìwé náà ì bá parí síbẹ̀. Ẹni tó kà á ì bá mi orí, kó sì gbé e kalẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n kọ orúkọ oògùn, ọjọ́, oúnjẹ àti ìṣẹ́jú sílẹ̀, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ láti Borgou dé iwájú àwọn tó ń ṣe òfin. Ní ọdún 2011, àpéjọ àwọn orílẹ̀-èdè fi ẹndosúlífáánì sínú àdéhùn Stockholm, pé kí a mú un kúrò ní lílò káàkiri ayé.

Ó dáa. Báwo la ṣe ń ṣe é? Àpẹẹrẹ tí a fẹ́ lò yìí, àwa fúnra wa la hun ún pọ̀ kí a má bàa tú àṣírí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin yóò dá a mọ̀. Báyìí ni akọ̀wé ṣe kọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́:

“Lánàá, ọmọ iṣẹ́ kan fi àìbìkítà fọ́n oògùn ní oko òwú. Ó kọ̀ láti wọ ohun ààbò bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún un. Nítorí agídí rẹ̀, oògùn ta sí i lára púpọ̀, ó sì ṣàìsàn gan-an. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Ó yẹ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa gbọ́ràn sí ọ̀gá wọn lẹ́nu.”

Ìwé yìí dùn-ún kà létí. Òótọ́ sì lè wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ẹ kò mọ ọjọ́ wo ni “àná”, ẹ kò mọ oògùn wo, ẹ kò mọ ibi tí oògùn ti ta sí i lára, ẹ kò mọ ohun tó jẹ́ “àìsàn gan-an”.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ń ṣe ni pé a ó fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ojú kò lè rí. Àìbìkítà, ojú kò rí i. Agídí, ojú kò rí i. Inú ọkàn ènìyàn ni méjèèjì wà, akọ̀wé kò sì wọ inú ọkàn ẹnikẹ́ni. “Ó kọ̀” ṣòro díẹ̀ jù wọ́n lọ. Ó lè jẹ́ ohun tí a rí ní tòótọ́, bí ẹnì kan bá na ìbọ̀wọ́ sí i tí ó sì ní òun kò wọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí, ẹ kọ ẹni tó nà án sí i, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ náà sọ gan-an, bí àpẹẹrẹ, “ooru ń mú mi”. Bí kò bá sí ẹni tó na ohunkóhun sí i, a jẹ́ pé kò kọ̀. Ṣe ni kò wọ̀ ọ́. “Kò wọ ìbọ̀wọ́” ni kí ẹ kọ, kí ẹ fi mọ bẹ́ẹ̀. “Ó gbàgbé” pẹ̀lú kò yẹ, àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá sọ pé òun gbàgbé.

“Ó yẹ kí” ni ọ̀rọ̀ mìíràn tí ẹ gbọ́dọ̀ wá kàn. Níbi tí ẹ bá ti rí “ó yẹ kí”, ìdájọ́ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ìròyìn. Ẹ yọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá “wọ́n”. Èdè wa fẹ́ràn “wọ́n” púpọ̀. “Wọ́n ti kìlọ̀ fún un.” Ta ni? Nígbà wo? Nínú àpẹẹrẹ wa, nígbà tí akọ̀wé béèrè, ó hàn pé olóko ló kìlọ̀, níbi ìpàdé ẹgbẹ́ tí a ṣe ní oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ ni òṣìṣẹ́ yìí tó wọ iṣẹ́. Kò sí níbẹ̀ nígbà ìkìlọ̀. Ẹ rí bí “wọ́n” kan ṣoṣo ṣe fẹ́ di ẹ̀bi mọ́ ẹni tí kò gbọ́ ohunkóhun. Àwọn kan rò pé láti má ṣe dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, a ní láti fi “wọ́n” bo gbogbo ẹni tó ṣe nǹkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ẹni tó ṣe é, kí ẹ fi iṣẹ́ rẹ̀ pè é: olóko, òṣìṣẹ́ A, òṣìṣẹ́ B, ìyá olóko. Orúkọ wọn lè wà nínú ìwé mìíràn tí alága ẹgbẹ́ yóò máa tọ́jú. Sísọ pé “olóko ló po oògùn” kì í ṣe ẹ̀bi. Ẹ̀bi ni “olóko ahun tí kò ra ìbọ̀wọ́ tó”. Àwọn akọ̀wé kan tó bá ti gbọ́ pé kí a má ṣe bú òṣìṣẹ́ mọ́, olóko ni wọ́n yóò yíjú sí láti bú. Kò dára jù ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dààmú wa ju gbogbo rẹ̀ lọ nínú àwọn ìwé tí à ń gbà, òun ni “oògùn” fúnra rẹ̀. Oògùn la ń pe ti kòkòrò, oògùn la ń pe ti ilé ìwòsàn, oògùn sì ni èyí tí àwọn bàbá wa ń ṣe. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé “ó mu oògùn, ó sì ṣubú”, èwo lẹ ń wí? Bí ẹ bá kọ ọ́ pé “oògùn ló mú un”, ẹlòmíràn yóò ti máa wo aládùúgbò. Bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá sì fi àmì ohùn sí i, òógùn tí ń jáde lára ènìyàn pàápàá kò yàtọ̀ sí i lójú ìwé. Bẹ́ẹ̀ òógùn yẹn jẹ́ àmì pàtàkì nígbà tí irú oògùn kòkòrò kan bá mú ènìyàn. Nítorí náà, ẹ kọ “oògùn kòkòrò” ní gbogbo ìgbà, kí ẹ kọ “ó ń làágùn” fún ti ara, kí ẹ sì da orúkọ tó wà lára ìgò kọ, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì, pẹ̀lú nọ́ńbà tó tẹ̀lé e. Bí ìwé ara ìgò bá ti ya, ẹ kọ pé ó ti ya, kí ẹ sì gbé ìgò náà pamọ́. Bó bá jẹ́ inú ìgò omi ọlọ́rọ̀ dídùn tàbí ìgò sódà ni wọ́n tú u sí, ẹ kọ ìyẹn pẹ̀lú.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni orúkọ yìí. Oògùn kòkòrò bíi purofẹnofọ́ọ̀sì máa ń mú kí ènìyàn làágùn, kí itọ́ máa da lẹ́nu rẹ̀, kí ẹyinjú rẹ̀ sún kì kó kéré, kí ẹran ara rẹ̀ máa fò. Abẹ́rẹ́ kan wà tí àwọn oníṣègùn ń fún ẹni tí irú èyí bá mú, tí a ń pè ní atirọpíìnì. Abẹ́rẹ́ yẹn kì í ṣe ojútùú sí ẹndosúlífáánì, tó jẹ́ pé gìrì ló sábà máa ń mú wá. Òṣìṣẹ́ ìlera tó rí “ó ṣàìsàn gan-an” lórí ìwé kò rí ohunkóhun.

“Gan-an”, “púpọ̀”, “kò pẹ́”, “díẹ̀”: ẹ fi ohun tí a lè wọ̀n rọ́pò wọn. Aago dára jù. Bí kò bá sí aago, ẹ fi ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí i, bí àkókò tí ilé ẹ̀kọ́ jáde. Ìdérí ìgò tí a fi ń wọn oògùn kòkòrò kò dọ́gba, nítorí náà ẹ wọn ìdérí náà kí ẹ sì kọ iye mílílítà tó gbà.

Báwo lẹ ṣe máa rí àwọn nǹkan wọ̀nyí? Ẹ óò lọ bá àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. A mọ̀ pé ọmọ kékeré kì í já bàbá nírọ́ láàárín àwùjọ. Bí ẹ bá pe olóko àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ igi, ohun tí bàbá bá sọ ni òṣìṣẹ́ yóò fi “bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá” gbè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí nǹkan ṣe, nígbà tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ìwé yìí kì í ṣe ẹjọ́, kò sì sí owó ìtanràn nínú rẹ̀. Ẹ má bi í pé “kí ló dé tí o kò wọ ìbọ̀wọ́?”, nítorí “kí ló dé” ti dà bí ìbáwí. Ẹ bi í pé “kí lo wọ̀ lọ́jọ́ náà?” àti “níbo ni ìbọ̀wọ́ wà?”. Ìbéèrè kejì yìí ló fi hàn nínú àpẹẹrẹ wa pé ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo ló wà fún ènìyàn méjì.

Bí ọ̀rọ̀ ẹni méjì kò bá bá ara wọn mu, ẹ kọ méjèèjì. “Olóko sọ pé aago 8 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ A sọ pé aago 11.” Iṣẹ́ akọ̀wé kì í ṣe láti yan ẹni tó ń pa irọ́. Bí ẹnì kan bá sì sọ pé “ọwọ́ Ọlọ́run ni” tàbí “ayé ló ṣe é”, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí.

Ohun kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń fi pamọ́, òun ni ohun tí wọ́n fún aláìsàn mu nílé. Epo pupa ni, tàbí wàrà, nígbà mìíràn àgbo. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, ojú sì máa ń tì wọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì bá kígbe. Kì í ṣe ohun tí a ń gbani níyànjú, nítorí epo àti wàrà lè jẹ́ kí irú oògùn kòkòrò bíi ẹndosúlífáánì tètè wọ ara. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ láì fi ọ̀rọ̀ kankan kún un: ohun tí a fún un, ìwọ̀n rẹ̀, àkókò rẹ̀. Bí ìwé náà bá bú ìyá tó fún un ní epo, èyí tó tẹ̀lé e kò ní jẹ́wọ́ fún yín mọ́.

Ìwé àkọ́kọ́ wa wá di èyí:

“Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ, oko òwú kan ní Tchaada. Òṣìṣẹ́ A jẹ́ ọmọ ọdún 22, ó ti lo ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́. Olóko fi ìkìlọ̀ nípa aṣọ ààbò síta níbi ìpàdé oṣù kẹfà. Òṣìṣẹ́ A kò tíì wọ iṣẹ́ nígbà náà.

Oògùn kòkòrò tó wà nínú ìgò ni purofẹnofọ́ọ̀sì 500 EC. Olóko po ó, ìdérí mẹ́ta sínú pọ́ńpù ẹ̀yìn oní-lítà 15. A wọn ìdérí náà: mílílítà 25. Òṣìṣẹ́ A sọ pé òun bẹ̀rẹ̀ ní aago 11 àárọ̀. Olóko sọ pé aago 8 ni. Aago 1 ọ̀sán ló sọ pọ́ńpù kẹta kalẹ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò gígùn àti sálúbàtà. Kò wọ ìbọ̀wọ́, kò sì fi nǹkan bo imú. Ìbọ̀wọ́ kan ló wà ní oko. Òṣìṣẹ́ B ló wọ̀ ọ́.

Nígbà tí ó sọ pọ́ńpù kalẹ̀, òṣìṣẹ́ B rí i pé ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tutù láti èjìká dé ìbàdí. Akọ̀wé wo pọ́ńpù náà lọ́jọ́ kejì: rọ́bà inú ìdérí rẹ̀ ti ya ní ibì kan tó gùn tó èékánná àtàǹpàkò.

Aago 1 kọjá ìṣẹ́jú 20: òṣìṣẹ́ A sọ pé orí ń fọ́ òun, ojú òun sì ń ṣú. Ó ń làágùn. Aago 1 kọjá ìṣẹ́jú 45: ó bì lẹ́ẹ̀mejì, itọ́ ń da lẹ́nu rẹ̀. Òṣìṣẹ́ B bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi ọṣẹ àti omi wẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Aago 2: ìyá olóko fún un ní epo pupa, ṣíbí ọbẹ̀ méjì. Aago 2 kọjá ìṣẹ́jú 15: olóko fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó mú ìgò oògùn kòkòrò náà dání. Nọ́ọ̀sì gún un ní abẹ́rẹ́. Ní aago 10 àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí a kọ ìwé yìí, ó ṣì wà níbẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀.”

Ìwé kejì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó jáde. Rọ́bà tó ya, tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà nígbà tí agídí ti di ìdáhùn. Ìbọ̀wọ́ pàápàá kì bá tí dá omi tó ń jò sí ẹ̀yìn dúró. Ìwé náà kò sọ pé rọ́bà ló fà á, ó sọ ibi tí aṣọ ti tutù àti ibi tí rọ́bà ti ya, ó sì dákẹ́. Ẹ̀yin tó kà á ti mọ ohun tí ẹ óò wò lára pọ́ńpù tiyín.

Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ pinnu ohun tí a óò ṣe, bíi kí a pààrọ̀ rọ́bà tàbí kí a ra ìbọ̀wọ́ sí i, ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé mìíràn, lọ́jọ́ mìíràn bó bá ṣeé ṣe. Kó má ṣe wọ inú ìròyìn. Bí ẹgbẹ́ bá sì fẹ́ bá ẹnì kan wí, ìpàdé wà fún ìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi, ìròyìn tí kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tó ṣe yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú aago rẹ̀, àwọn tó ni àṣẹ yóò sì dá a lẹ́jọ́ bí ó bá yẹ.

Kí ẹ tó fi ìwé náà ránṣẹ́, ẹ kà á sókè fún ẹni tí nǹkan ṣe àti fún olóko, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní èdè tí olúkúlùkù wọn gbọ́. Bí ẹnì kan bá ní ibì kan kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo la ọ̀rọ̀ náà kọjá kí a ṣì lè kà á, kí ẹ kọ àtúnṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Ẹ má ṣe fi íńkì bò ó, ẹ má sì ya ojú ìwé náà sọ nù. Ẹni tí kò lè fọwọ́ sí i yóò tẹ àtàǹpàkò. Ẹ̀dà kan dúró lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ẹ̀dà kan lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ fún òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn òwú ní ẹ̀kẹta nígbà tó bá tún wá sí abúlé yín.